Bí mo ṣe dá owó ìbéèrè ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún dúró

Ní ọ́fíìsì wa ní Òkè-Ìlewó, Abẹ́òkúta, dáṣíbọ́ọ̀dù tá a fi ń tọpa ẹrù máa ń béèrè dátà lọ́wọ́ BigQuery, ibi ìpamọ́ dátà Google tó ń gba owó lórí iye dátà tí ìbéèrè bá kà, ní ìṣẹ́jú 5-5. Nígbà tí bílì oṣù kan dé, nǹkan bíi 205 dọ́là ni. Àyà mi já.

Mo jókòó ṣírò rẹ̀. Ìbéèrè kan ń ka gígábáìtì 4, ìgbà 288 lójúmọ́: ó lé díẹ̀ ní tẹrabáìtì 1, dọ́là 6.25 sì ni tẹrabáìtì kọ̀ọ̀kan. Tẹrabáìtì 1 ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fúnni lóṣù ti tán lọ́jọ́ kìíní. `LIMIT 100` tí mo gbọ́kàn lé kò dín kọ́bọ̀ kù, torí gbogbo òpó tá a dárúkọ ló máa kọ́kọ́ kà tán kó tó gé èsì.

Ẹrù òní nìkan sì là ń wò! Mo tún tábìlì náà kọ́, mo pín in sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo wá fi èyí kún ìbéèrè:

```
WHERE ojo = CURRENT_DATE('Africa/Lagos')
```

Mo fi `--dry_run` yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń sọ iye tí ìbéèrè máa kà láì gba owó: mẹ́gábáìtì 12 péré.

Lẹ́yìn náà ni mo fi òdiwọ̀n sí `Query usage per day`. Ẹ ṣọ́ra níbí: tó bá tán, ìbéèrè gbogbo ènìyàn nínú iṣẹ́ náà ló máa kùnà, agogo 8 tàbí 9 àárọ̀ tiwa ló sì ń padà, torí òru ọ̀gànjọ́ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń kà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi àyè sílẹ̀ fún akáǹtà wa.