Bí a ṣe ń béèrè fáìlì aláìsàn lódindi lọ́wọ́ ilé ìwòsàn fún lọ́yà tàbí ẹbí

Nígbà tí ẹbí tàbí lọ́yà bá lọ béèrè ìwé aláìsàn ní ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, ohun tí wọ́n sábà máa ń gbé lé wọn lọ́wọ́ ni ìròyìn ìtọ́jú, ìyẹn ìwé ojú kan tàbí méjì tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó kọ láti fi ṣàkópọ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìròyìn yìí wúlò fún ibi iṣẹ́ tàbí iléeṣẹ́ ìbánigbófò, ṣùgbọ́n kì í ṣe fáìlì. Fáìlì ni àwọn ìwé tí dókítà àti nọ́ọ̀sì kọ ní wákàtí tí wọ́n ń tọ́jú aláìsàn gan-an, òun sì ni dókítà mìíràn nílò kí ó tó lè sọ fún lọ́yà bóyá ìtọ́jú náà bá ìlànà mu. Nítorí náà, ìwé ìbéèrè yín gbọ́dọ̀ sọ ní kedere pé ẹ̀dà fáìlì lódindi ni ẹ ń fẹ́, kì í ṣe ìròyìn.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti mọ ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní abala 26, sọ pé àṣírí ni gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú aláìsàn, àti pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ tú u síta àfi bí aláìsàn fúnra rẹ̀ bá yọ̀ǹda ní kíkọ sílẹ̀, tàbí bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin mìíràn bá pa á láṣẹ, tàbí bí òbí tàbí alágbàtọ́ bá béèrè nítorí ọmọdé, tàbí bí aṣojú bá béèrè nítorí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀, tàbí bí pípa á mọ́ bá lè fa ewu ńlá fún ìlera gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọkọ àti ọmọ ni ó máa ń bínú níbi yìí, nítorí pé orúkọ wọn ni a kọ sínú káàdì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó súnmọ́ aláìsàn jù lọ. Àmọ́ ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Kò fún un láṣẹ láti gba fáìlì ẹni tí ó wà láàyè tí orí rẹ̀ sì pé.

Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ fún ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìbàdàn. Ó wọlé ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2025, ó kúrò ní ọjọ́ 11, ó sì fẹ́ kí lọ́yà rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. Nínú ìwé náà ni orúkọ lọ́yà, àwọn ìwé tí ó yọ̀ǹda, ìdí tí ó fi yọ̀ǹda wọn, àti ọjọ́ tí ó fọwọ́ sí i yóò wà, pẹ̀lú ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Bí kò bá mọ̀wé, kí wọ́n ka ìwé náà fún un ní èdè tí ó gbọ́, kí ó tẹ̀ka, kí ẹni tí ó bá a kọ ọ́ sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i, pẹ̀lú gbólóhùn pé òun ti kà á tí òun sì ti túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà ìbéèrè. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ni a ń kọ ọ́ sí, nípasẹ̀ olórí ẹ̀ka tí ó ń tọ́jú fáìlì, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí rẹ́kọ́ọ̀dù. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ́fíìsì wọ̀nyí fi ń ṣiṣẹ́, lọ́yà yóò sì sábà fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ nìyí:

"A ń béèrè ẹ̀dà fáìlì oníbàárà wa lódindi, nọ́ńbà káàdì rẹ̀ ni èyí, fún ìtọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2025. Kí ó ní àkọsílẹ̀ dókítà, àkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì lójúmọ́, ìwé tí a fi ń tọpa ìrọbí, ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́ abẹ, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ àti ti oorun abẹ, ìwé oògùn àti omi tí a fà sí i lára, ìwé ìfúnpá àti ìgbóná ara, àbájáde àyẹ̀wò gbogbo, àti ìwé ìkúrò nílé ìwòsàn. A ti ṣetán láti san owó ẹ̀dà àti ti òǹtẹ̀."

Ẹ má ṣe fo orúkọ àwọn ìwé náà. Òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù lè fi gbogbo ọkàn ṣe ẹ̀dà ohun tí ó bá nínú fáìlì, kí fọ́tò ìyàwòrán ara àti àbájáde àyẹ̀wò kan ṣì wà ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ṣe wọ́n.

Bí aláìsàn bá ti kú, ilé ìwòsàn sábà máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí ikú, ẹ̀rí pé ẹni tí ń béèrè jẹ́ ẹbí, àti ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ tàbí ìwé àṣẹ tí ilé ẹjọ́ fi ń yan alábòójútó ohun ìní olóògbé. Bí ẹbí bá ń jà lórí ọ̀rọ̀ náà, àṣẹ ilé ẹjọ́ ni ó dájú jù.

Ẹ̀dà lẹ́tà méjì ni kí ẹ gbé lọ. Kí ẹni tí ó gba ọ̀kan lu òǹtẹ̀ mọ́ èkejì, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì kọ ọjọ́ sí i, nítorí pé láti ọjọ́ yẹn ni ẹ ó ti máa ka ọjọ́ tí wọ́n ní láti dáhùn. Ojúlówó fáìlì kì í kúrò nílé ìwòsàn. Ẹ̀dà ni wọn yóò fún yín. Fún ilé ìwòsàn ìjọba, Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, abala 104, béèrè pé kí òṣìṣẹ́ tí ó ń tọ́jú ìwé náà kọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dà pé òótọ́ ni, kí ó fi ọjọ́, orúkọ àti ipò rẹ̀ sí i, lẹ́yìn tí ẹ bá ti san owó. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ̀dà tí kò ní gbólóhùn yìí lè di ìjà ní ilé ẹjọ́.

Ilé ìwòsàn ìjọba tún wà lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011, tí ó fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Òfin náà dáàbò bo ọ̀rọ̀ aláìsàn, ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda aláìsàn ń ṣí ìlẹ̀kùn yẹn, nítorí náà ẹ so ó mọ́ lẹ́tà. Bí wọ́n bá kọ̀, ọjọ́ 30 ni ẹ ní láti gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ti ilé ìwòsàn aládàáni, Òfin Ìdáàbòbò Détà ọdún 2023 fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, àjọ tí ó ń bójú tó òfin náà sì ń gba ẹ̀sùn. Kí lọ́yà má fi ìdúró yìí ṣeré o, nítorí pé òfin tí ó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fi oṣù 3 ṣe gbèdéke pípe ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí a bá fẹ́ pe ilé ìwòsàn ìjọba àti òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀dà bá dé ọwọ́ yín, ẹ má kúrò níwájú tábìlì kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ to àwọn ojú ìwé náà ní ọjọ́ dé ọjọ́. Nọ́ọ̀sì ìgbà òwúrọ̀, ti ọ̀sán àti ti òru ni ó sábà máa ń kọ ìròyìn, nítorí náà bí òru ọjọ́ 4 kò bá ní àkọsílẹ̀ kankan, ẹ ó rí i kíákíá. Ẹ gbé rìsíìtì àyẹ̀wò tí aláìsàn san owó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àbájáde: bí ó bá san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí àbájáde méjì péré wà, ìwé kan ti kù. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti fi funfun pa ọ̀rọ̀ rẹ́, tàbí ibi tí yíǹkì ti yàtọ̀ lójú ìwé kan náà, kí ẹ sì béèrè láti fi ojú rí ojúlówó rẹ̀. Fún ohun tí ó bá kù, ẹ kọ lẹ́tà kejì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ dárúkọ ìwé àti ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín bí wọ́n bá sọ pé kò sí.