«Se» nínú ìkìlọ̀ àti ìròyìn èdè Sípáníìṣì: ibi tí àwa ọmọ Yorùbá ti ń ṣìnà

Tí a bá ní «Wọ́n ń ta ilé níbí», kò sí ẹni tó máa bi wá pé ta ni «wọ́n». Yálà ilé kan ni tàbí mẹ́wàá, «ta» kò yí padà. Ìwà yìí la máa ń gbé lọ sínú èdè Sípáníìṣì, tí a fi ń kọ «Se alquila habitaciones» sára ògiri. Àṣìṣe ni. «Se alquilan habitaciones» ló tọ́, nítorí pé níbẹ̀, yàrá gan-an ni olùwà gbólóhùn náà, ọ̀rọ̀ ìṣe sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Yàrá kan: «Se alquila habitación». Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ fi «son» àti «alquiladas» sí i. Tí «las habitaciones son alquiladas» bá bá a mu, «alquilan» lẹ máa kọ.

Àmọ́ ẹ má sáré sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀pọ̀. Tí ènìyàn bá wọlé pẹ̀lú «a» níwájú rẹ̀, kì í ṣe olùwà mọ́, ọ̀rọ̀ ìṣe á sì dúró ní ẹyọ: «Se avisará a los vecinos». Ẹni tó kọ́ òfin àkọ́kọ́ dáadáa ló sábà máa ń kọ «Se avisarán a los vecinos», ìyẹn sì burú bí ti àkọ́kọ́. Ẹ wo ìyàtọ̀ yìí: «Se buscan camareros», agbáwo èyíkéyìí ni wọ́n ń wá, kò sí «a». «Se busca a los testigos», àwọn ẹlẹ́rìí kan pàtó ni, «a» dé, «busca» sì wà ní ẹyọ.

Nínú ìròyìn ìpàdé ni gbogbo rẹ̀ ti máa ń dà pọ̀. Ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé kan kọ èyí:

«Se aprobó las cuentas por los vecinos. Se informaron a los propietarios de las obras».

«Cuentas» jẹ́ ọ̀pọ̀, nítorí náà «se aprobaron» ni. «A los propietarios» ní «a», nítorí náà «se informó». «Por los vecinos» ló tún kù. Lóòótọ́, ẹ máa rí irú rẹ̀ nínú ìwé òfin, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà yín níyànjú láti kọ ọ́: «se» ń fi ẹni tó ṣe é pamọ́, «por» sì ń fà á jáde padà. Tí ó bá ṣe pàtàkì kí a mọ ẹni náà, ẹ dárúkọ rẹ̀ tààrà:

«Los vecinos aprobaron las cuentas. Se informó a los propietarios de las obras».

Tí ẹ bá fẹ́ kí ìwé ìṣirò owó náà ṣíwájú, «Las cuentas fueron aprobadas por los vecinos» wà níbẹ̀, pẹ̀lú «aprobadas» tó bá «cuentas» mu.

Ọ̀kan lára àwọn tí kì í yí padà rárá ni «se trata de». Bí nǹkan méjì bá bàjẹ́, «Se trata de dos averías» náà ni, kì í ṣe «se tratan».