Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Ìwé Kíkà Nínú Ààwẹ̀ Ràmàdáánì

Bí oṣù ààwẹ̀ bá ti tó ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ìwé kò wọlé mọ́. Ebi ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Ní tèmi, oorun ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè.

Ẹ wo ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn tó wà ní kíláàsì àṣekágbá ní sẹ́kọ́ńdírì, tó ń múra ìdánwò Jáḿbù sílẹ̀ pẹ̀lú físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì. Kí ààwẹ̀ tó dé, aago 10 alẹ́ ló máa ń jókòó ti ìwé títí di aago 1 òru, nígbà tí ilé bá ti dákẹ́. Á wá sùn di aago 6 àárọ̀. Ààwẹ̀ dé, kò yí nǹkan kan padà. Ó kírun àṣámù tán, ó tún jókòó ti físíìsì di aago 1. Ṣùgbọ́n aago 4 àtààbọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń jí gbogbo ilé fún sààrì. Wákàtí 5 tó ń sùn tẹ́lẹ̀, tí kò tó ọmọ ọdún 17 náà tẹ́lẹ̀, ti di 3 àtààbọ̀.

Àṣìṣe tó burú jù nìyí, nítorí inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà lọ́sàn-án jọ, tó ń fi í pamọ́ sí ibi tí a ó ti rí i mú. Ẹni tó ta oorun rẹ̀ fún wákàtí 3 ìwé kíkà ti ba ohun tó kà gan-an jẹ́. Ẹ ó mọ̀ ọ́n báyìí: ẹ ṣí ojú ìwé tí ẹ kà lóru àná ní àárọ̀, ẹ bo ìdáhùn, kí ẹ sì gbìyànjú láti ṣe ìṣirò kan níbẹ̀. Bó bá dà bí ohun tí ẹ kò rí rí, oorun ló kù díẹ̀ káàtó.

Ohun tó yẹ kí ọmọ yìí ṣe ni kó gbé iṣẹ́ tó le kúrò lálẹ́ pátápátá, kó gbé e sẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Lẹ́yìn sààrì, oúnjẹ ṣì wà lára, omi ṣì wà lára, fóònù kò tíì máa dún. Bó bá kírun tán, tó jókòó ní aago 6, ó ní wákàtí kan ó lé díẹ̀ kó tó múra ilé ẹ̀kọ́. Nínú wákàtí yẹn, kókó kan ṣoṣo ni kó mú: ká ní ìṣirò lórí ohun tí a jù sókè nínú físíìsì, tàbí ìdọ́gba nínú kẹ́mísírì, ohun tó ń béèrè pé kí èèyàn ronú látìbẹ̀rẹ̀. Kó má fi wákàtí náà da àkọsílẹ̀ kọ.

Lálẹ́, bó bá ti àṣámù dé ní nǹkan bí aago 9 kọjá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fún wíwo ohun tó kà láàárọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kó wá sùn ní aago 10. Ìyẹn á fún un ní wákàtí 6 àtààbọ̀ kí sààrì tó tó.

Àṣìṣe kejì ni ti ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan gbà pé bí àwọn bá kó ìṣirò tó le jù sáàárín Alàásárì àti ìṣínu, àwọn á gbàgbé ebi. Mo mọ ìdí tí èrò yìí fi dùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n wákàtí yẹn ni ara gbẹ jù, òun náà ni súgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Èèyàn á ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sì máa ṣi àmì ìyọkúrò mú fún ti àròpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí lára tiyín, ẹ mú ìbéèrè 10 lórí kókó kan náà láti inú ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, kí ẹ ṣe é ní aago 6 àárọ̀. Ẹ mú 10 mìíràn tó jọ ọ́, kí ẹ ṣe é ní aago 5 ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ iye tí ẹ gbà àti iye ìṣẹ́jú tó gbà yín sílẹ̀ fún ọjọ́ 3. Àkọsílẹ̀ yẹn á sọ fún yín ibi tó yẹ kí iṣẹ́ tó le wà. Ìrọ̀lẹ́ dára fún iṣẹ́ ọwọ́: yíya àwòrán bàọ́lọ́jì, kíkọ àkọsílẹ̀ tó kù, títún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kà.

Oorun ọ̀sán náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Àìlá, kí èèyàn sùn fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 dára gan-an. Àmọ́ ẹni tó bá sùn wákàtí 2 á jí pẹ̀lú ara wíwúwo, oorun kò sì ní tètè kùn ún lálẹ́.

Ní ti oúnjẹ, ohun tó ń ba alẹ́ jẹ́ ni kí èèyàn fi àmàlà ńlá ṣínu lẹ́ẹ̀kan náà. Ikùn á wúwo, ojú á wúwo. Ẹ fi dàbínù àti omi ṣínu, ẹ mu ògì díẹ̀ pẹ̀lú àkàrà, ẹ lọ kírun Mọ̀ngàríbì, kí ẹ tó wá jẹun níwọ̀nba. Ní sààrì, tíì àti búrẹ́dì nìkan kò lè gbé èèyàn jìnnà. Ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín máa ń pẹ́ nínú ju wọ́n lọ. Ẹ má sì da omi mu ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn sààrì, torí ìtọ̀ ló máa fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ gbé jáde. Omi inú ọ̀rá 4, tó jẹ́ lítà 2, tí ẹ pín láti ìṣínu dé sààrì, wúlò jù. Ẹni tí kọfí tàbí obì ti mọ́ lára, kó máa dín in kù láti ọ̀sẹ̀ kan kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Orí fífọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ebi, àìrí kọfí ló sábà máa ń fà á.

Mo fẹ́ sọ èyí gbangba fún àwọn òbí: ọmọ tó ní àrùn síkúlà kò gbọ́dọ̀ máa fi ara dá òùngbẹ nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbààwẹ̀. Àìtó omi lára lè ru ìrora rẹ̀ sókè. Kùránì, orí 2, ẹsẹ̀ 185, fún aláìsàn láyè láti san án ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí oṣù tó wọlé, kí ẹ sì bá àlùfáà yín sọ ohun tí dókítà wí.

Àṣìṣe tó kù ni ti ọjọ́ 10 ìgbẹ̀yìn. Ètò tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa á túká níbẹ̀, nítorí ìrun òru ń bẹ, àwọn mìíràn kì í sùn títí di sààrì. Ẹni tó bá ń wá òru Láílátúlì Kádàrì kò lè tún máa lépa kókó tuntun nínú kẹ́mísírì ní aago 6. Kí ọmọ Ìbàdàn yìí ti parí àwọn kókó tuntun ní ogúnjọ́ ààwẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kó sùn lẹ́yìn Àsùbáà ní ọjọ́ tí kò sí ilé ẹ̀kọ́, kó sì máa fi ìbéèrè àtijọ́ 20 péré dán ara rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan. Ìdánwò kíkún, ìbéèrè 180 láàárín wákàtí 2 bíi ti Jáḿbù gan-an, kó fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, nígbà tó bá ti sùn dáadáa fún òru méjì tàbí mẹ́ta.