Fóònù Ni Tàbí Kọ̀ǹpútà? Bí A Ṣe Ń Tún Fọ́tò Ojú Ṣe Láì Pa Ilà Ojú Rẹ́

Ẹ̀gbọ́n kan gbé fọ́tò ìyá wọn wá bá mi láti Iléṣà. Mama ń pé ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì fẹ́ kí n tẹ fọ́tò náà sínú férémù ńlá. Wọ́n ní kí n má ṣe wàhálà kankan, àwọn ti fi fóònù tún un ṣe. Mo wò ó dáadáa, mo wá bi wọ́n pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé Mama ò kọlà ni?” Wọ́n gba fóònù, wọ́n wò ó, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mama kọ pélé, ilà mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Áàpù ti nu gbogbo rẹ̀ nù.

Irú èyí ti pọ̀ lójú mi ní Sábó níbí nílé Ifẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ń yàn láàárín áàpù ọ̀fẹ́ orí fóònù àti GIMP, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Lórí fóònù, Snapseed nìkan ni mo ń lò, nítorí kì í polówó ọjà, kì í sì í fi orúkọ rẹ̀ sí igun fọ́tò ẹni. Bí ẹ bá ti fi àwọn méjèèjì sórí ẹ̀rọ yín, ẹ ò nílò dátà mọ́ láti lò wọ́n.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ béèrè ibi tí fọ́tò náà ń lọ. Bó bá jẹ́ orí Wásáàpù ló máa parí sí, fóònù tó. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó ya fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́yege, tí ìrorẹ́ méjì wà níwájú orí rẹ̀, kò yẹ kó wá kọ̀ǹpútà kiri. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé a máa tẹ̀ ẹ́ ju ìwọ̀n ìwé ìkọ̀wé lọ, tàbí tí ohun tí ẹ fẹ́ mú kúrò bá wà nítòsí ilà, etí irun tàbí etí gèlè, kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lọ bá. Bó bá sì jẹ́ fọ́tò físà Amẹ́ríkà, ẹ má tún un ṣe rárá. Wọn kì í gba fọ́tò tí a ti fi ẹ̀rọ yí ojú padà. Ẹ tún un yà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára.

Ẹ gba ojúlówó fọ́tò lọ́wọ́ ẹni tó yà á. Èyí tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù gùn ní 1600 píksẹ́lì péré. Èyí tó wà nínú fóònù wọn jẹ́ 3000 sí 4000. Tí a bá pín 4000 sí íńṣì mẹ́rìndínlógún, 250 ló bọ́ sínú íńṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì mọ́ kedere nínú férémù. Tí a bá pín 1600 sí íńṣì mẹ́rìndínlógún kan náà, 100 péré ni, ojú Mama á sì rí bíi pé èéfín bò ó. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, kì í ṣe bíi fọ́tò. Wásáàpù kì í fún dókúmẹ́ǹtì mọ́lẹ̀.

Gígé etí fọ́tò àti títò ó kó dúró ṣánṣán, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni awọ ara.

Bọ́tìnì tó ń mú ojú dán ní ìfọwọ́kàn kan, ẹ jìnnà sí i. Ohun tó ń ṣe nìyí: ó máa wá ojú nínú fọ́tò, ó máa dá ẹyinjú, imú àti ètè sí nítorí pé etí wọn ṣe kedere, ó wá máa pa gbogbo ohun tín-ín-rín tó kù pọ̀ mọ́ ara wọn. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìhunjọ awọ, ihò ara àti pélé. Gbogbo wọn ló jẹ́ ìlà tín-ín-rín tí àwọ̀ rẹ̀ súnmọ́ ti awọ tó yí i ká, ló bá nu gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù yìí tún máa ń fi ìmọ́lẹ̀ kún awọ láì béèrè, tí adúláwọ̀ á wá di pupa rúsúrúsú.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ ni pé kí ẹ wo ọrùn àti ọwọ́. Ojú ọmọ ogún ọdún lórí ọrùn ìyá ọgọ́rin ọdún kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ẹ tún fa fọ́tò náà súnmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Bí ẹ ò bá rí ihò awọ níbẹ̀ mọ́, ẹ ti ṣe é jù. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù sí ìdajì, kí ẹ sì pa àwọ̀ ìyeyè tó ń dáàbò bo ojú lálẹ́, torí fóònù tó bá mọ́lẹ̀ jù tàbí tó bá pọ́n máa ń tan ẹni jẹ nípa àwọ̀ awọ.

Bó bá jẹ́ fóònù lẹ ń lò, Healing inú Snapseed ni kí ẹ fi mú ìrorẹ́ kúrò. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka méjì fa fọ́tò títí àmì náà á fi tó ẹ̀pà kan lójú yín, nítorí pé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kì í yí padà, fífà súnmọ́ nìkan ló ń mú kó kéré. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ wò ó, kí ẹ tó kọjá sí òmíràn. Ẹ má fi ìka fa gbọọrọ lójú. Ìka yín máa ń bo ohun tí ẹ fẹ́ rí, nítorí náà ẹ ra bírò onírọ́bà tí wọ́n fi ń tẹ fóònù. Kò wọ́n, èmi kì í ṣiṣẹ́ láìsí i.

Healing yìí ló ń yan ibi tó ti máa mú awọ fúnra rẹ̀. Ẹ ò lè pàṣẹ fún un. Láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó mọ́, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí ìrorẹ́ bá wà lábẹ́ gèlè, ó lè fa àwọ̀ gèlè wá síwájú orí. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pélé, ó lè gé ilà náà sí méjì tàbí kó fi ìkẹrin kún un. Mo ti rí ìyá tí áàpù kọ ilà mẹ́rin fún lápá kan, tó ṣẹ́ méjì kù lápá kejì. Níbi tí ẹ bá ti rí irú èyí, ẹ tẹ ọfà ìpadàsẹ́yìn, kí ẹ sì gbé fọ́tò náà lọ sórí kọ̀ǹpútà.

Ibẹ̀ la gbé ti Mama lọ. Láptọ́ọ̀pù mi ti gbó, GIMP sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ má fi pátákó ìfọwọ́rá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ wá máàsì oníwáyà èyíkéyìí. Mo ṣí fọ́tò, mo tẹ Shift+Ctrl+D kí fọ́tò náà lè di ìpele méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Ti ìsàlẹ̀ ni ojúlówó, n kì í fọwọ́ kàn án. Mo tẹ 1 kí fọ́tò hàn bó ṣe tóbi gan-an, mo wá tẹ H kí irinṣẹ́ Heal jáde.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti fóònù ni pé ẹ̀yin lẹ máa yan ibi tí awọ ti ń wá. Ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ ibi awọ tó dára nítòsí, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ àbàwọ́n náà. Ẹ jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì tóbi ju àbàwọ́n lọ díẹ̀ péré. Àmì kan wà láàárín pélé kejì àti ìkẹta Mama, ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ wọ́n. Mo mú awọ láti àárín pélé kan náà, lókè díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì lè dọ́gba, mo sì jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì kéré ju àlàfo ilà méjèèjì lọ. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá kan ilà, Heal á gbìyànjú láti pa àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti awọ, òkùnkùn á sì fọ́n ká bí epo. Ibi tí àbàwọ́n bá ti fara kan ilà tàbí etí gèlè, Clone ni kí ẹ lò, nípa títẹ C. Clone kì í pa àwọ̀ pọ̀, bó bá ṣe mú u náà ló ṣe ń gbé e sílẹ̀.

Òógùn tó ń dán níwájú orí ni ìṣòro kejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dín ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kù. Bí ibẹ̀ bá ti funfun pátápátá, kò sí àwọ̀ awọ kankan nínú rẹ̀ mọ́, nítorí náà ó máa di eérú dípò kó di dúdú. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń mú Clone, mo fi Mode rẹ̀ sí Darken only, mo fi Opacity, ìyẹn bí ohun tí mo ń fi pa á ṣe máa nípọn tó, sí 20, mo wá mú awọ láti ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń dán, mo sì ń fi pa á díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ìdán díẹ̀ sílẹ̀. Iwájú orí tí kò dán rárá máa ń rí pẹlẹbẹ bíi páálí.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, mo fa Opacity ìpele òkè wá sí 70 kí ojúlówó lè yọ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìhunjọ abẹ́ ojú Mama padà wá díẹ̀, ẹ̀rín wọn sì padà pẹ̀lú rẹ̀. Àmì ẹ̀fọn náà tún yọ fẹ́ẹ́rẹ́, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá dúró níwájú férémù kò lè rí i.

Mo fi iṣẹ́ náà pamọ́ bíi .xcf, kí n lè padà sí i, mo sì fi Shift+Ctrl+E yọ JPEG jáde, pẹ̀lú Quality ní 95. N kì í tẹ ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kí láàbù kọ́kọ́ tẹ ojú nìkan sórí bébà kékeré, íńṣì mẹ́rin sí mẹ́fà. Mo gbé e jáde síta lọ́sàn-án gangan, mo ka pélé náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n: mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Ìgbà náà ni mo ní kí wọ́n tẹ ti férémù.