Bí mo ṣe darí ìpàdé tíìmù kan tó fẹ́ di ìjà

Ènìyàn mẹ́fà la wà nínú tíìmù náà. Àtúnṣe sọ́fútíwíà tí a ti ṣèlérí fún àwọn oníbàárà pé yóò jáde ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló tó jáde. Obìnrin tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn ló ń gba èébú ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ọkùnrin tó kọ kódù náà kò sì rí oorun sùn. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti rí i nínú ímeèlì wọn pé wọn ò kí ara wọn mọ́, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi ń fèsì. Bí àwọn tó máa ń kíra wọn bá dẹ́kun ìkíni, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti iṣẹ́ nìkan.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi múra sílẹ̀, inú ara mi ni mo sì kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo kọ ohun tí mò ń rò lọ́kàn sórí bébà: ìtìjú, nítorí pé èmi ni mo fọwọ́ sí ọjọ́ tí a sọ, àti ìbínú, nítorí pé alẹ́ Ọjọ́rú ni mo tó gbọ́ pé iṣẹ́ ò ní parí. Bí máníjà ò bá mọ̀ pé inú ń bí òun, ìbínú náà á gba inú ìbéèrè rẹ̀ jáde. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?" dà bí ìbéèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ni lójú ẹni tí a bi, àwáwí ló sì máa fi dáhùn. Mo pa á rẹ́, mo kọ èyí dípò rẹ̀: "Ọjọ́ wo lẹ kọ́kọ́ rí i pé ó máa pẹ́?" Èyí ní ìdáhùn tí kò gba àwíjàre.

Wákàtí kan ni mo yà sọ́tọ̀. Mo sọ fún gbogbo wọn pé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, a ò ní wá ojútùú kankan, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan la máa kọ sójú pátákó, lọ́jọ́ dé ọjọ́. Òfin tí mo fi lélẹ̀ ni pé ohun tí kámẹ́rà lè yà ló ń lọ sójú pátákó. "Wọn ò kà wá sí" kò lè lọ síbẹ̀, nítorí ìtumọ̀ tí ènìyàn fún nǹkan ni. "Mi ò rí ìpè kankan gbà láàárín Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́rú" lè lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún obìnrin náà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò dáa, mo ní, "Mo gbọ́. A máa padà sórí ìyẹn. Kí lẹ rí tàbí tí ẹ gbọ́ tó jẹ́ kí ẹ rò bẹ́ẹ̀?"

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kejìlá, ara ìpàdé yí padà. Obìnrin náà sọ fún ìgbà kẹta pé, "Èmi ni wọ́n ń pè, èmi ni wọ́n ń bú." Ẹni tó bá ń tún gbólóhùn kan náà sọ kò tíì gbà pé ẹnikẹ́ni gbọ́ òun, bí a bá fèsì pẹ̀lú àlàyé, á tún un sọ ní ìgbà kẹrin, pẹ̀lú ohùn tó ga jù. Nítorí náà mo pe ohun tí mo rí lójú rẹ̀ lórúkọ: "Ó jọ pé ó ń dùn yín pé ẹ̀yin nìkan lẹ dá dúró níwájú wọn. Àbí mi ò gbọ́ ọ bó ṣe rí?" Lẹ́yìn náà mo dákẹ́, mo sì ń ka ení, èjì nínú mi. Mo kà á dé méje kó tó dáhùn: "Kì í ṣe pé ó dùn mí. Ojú ló tì mí. Mo ṣèlérí fún wọn, mo wá di onírọ́."

Àtúnṣe tó ṣe sí ọ̀rọ̀ mi yẹn ni mo ń wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi "ó jọ pé" bẹ̀rẹ̀ tí mo sì fi ìbéèrè parí rẹ̀. Bí mo bá ní "Inú ń bí yín," ìdájọ́ nìyẹn, ohun tó sì máa ń tẹ̀ lé e ni "Inú ò bí mi!" "Ẹ fara balẹ̀" tún burú ju ìyẹn lọ, torí pé ó ń sọ fún ènìyàn pé ohun tó ń ṣe é ò tọ́. Ní ọdún 2007, Matthew Lieberman, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìwà ènìyàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé bí ènìyàn bá fi ọ̀rọ̀ pe ìmọ̀lára tó rí lójú ẹlòmíràn, àmígídálà ẹni tó pè é náà, ìyẹn apá ọpọlọ tó máa ń tètè jí sí ewu, á rọlẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ pe tirẹ̀ ní ìtìjú, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́.

Ti ọkùnrin náà ló wá gbóná. Ó ti pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" nìkan ló ń sọ, ó sì ń mí gúlegúle. Ẹni tó wà ní ipò yìí ò lè gbọ́ àlàyé mọ́. John Gottman, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí tọkọtaya ṣe ń jiyàn, rí i pé bí ọkàn bá ti ń lù kọjá ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan, etí ò ní gbọ́ dáadáa mọ́, ara sì nílò ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú kó tó padà sípò. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Èmi fúnra mi nílò ìsinmi. Ẹ jẹ́ ká padà ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jíròrò ọ̀rọ̀ yìí níta." Bí a bá ní kí ẹnì kan ṣoṣo jáde lọ tutù, ìyà la fi jẹ ẹ́. Bí a ò bá sì dá àkókò ìpadàbọ̀, àwọn kan á gbà pé ìpàdé ti tú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò tó. Ẹni tó bá sì fi ìsinmi náà wá èsì tó máa fi gún ẹnìkejì, bó ṣe gbóná lọ ló máa gbóná bọ̀.

Nígbà tí a padà, mo ní kí olúkúlùkù tún ọ̀rọ̀ ẹnìkejì sọ títí ẹnìkejì á fi sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo wí nìyẹn." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin náà gbìyànjú. Ìgbà méjì àkọ́kọ́, ó ń fi "ṣùgbọ́n" kún un, mo sì ń dá a dúró níbi "ṣùgbọ́n" yẹn. Nígbà tó kan obìnrin náà ni òótọ́ jáde: láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkùnrin náà ti kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn olùkọ kódù pé ìdánwò ò yege. Ó rò pé òun ti sọ. Obìnrin náà kì í ṣí àkọsílẹ̀ yẹn rí.

Ìgbà náà la tó wá ojútùú, ìṣẹ́jú mẹ́jọ sì tó wa. Bí iṣẹ́ bá máa pẹ́ ju ìdajì ọjọ́ lọ, ẹni tó ń ṣe é á pe obìnrin náà lórí fóònù kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Obìnrin náà kò sì ní dá ọjọ́ kan fún oníbàárà mọ́, àárín ọjọ́ méjì ni yóò máa sọ.

Ọgbọ́n yìí ní ibi tó mọ. Bí ẹnì kan bá ń bú ẹlòmíràn tàbí ó ń halẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká máa pe ìmọ̀lára lórúkọ. Ìpàdé gbọ́dọ̀ dúró, kí ọ̀rọ̀ sì gba ọ̀nà ìlànà ilé iṣẹ́. Mi ò sì ní pe ìmọ̀lára ẹni tí kò tíì fi í hàn lórúkọ lójú gbogbo ènìyàn, torí pé ṣe ni mo tú u síta. Tó bá jẹ́ orí fídíò la wà, mo máa ń sọ pé "mò ń dúró, ẹ rora rò ó," kí wọ́n má bàa rò pé nẹ́tíwọ́kì ló já.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá olúkúlùkù jókòó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìbéèrè kan náà ni mo bi wọ́n: "Kí lẹ fẹ́ sọ lánàá tí ẹ ò sọ?" Ọkùnrin náà pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì. Ó ní ọjọ́ Ajé tí iṣẹ́ ku ọjọ́ mẹ́ta ni mo mú ẹni tó ń bá a ṣe ìdánwò lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sábẹ́ ọjọ́ Ajé lójú pátákó nígbà tí gbogbo tíìmù tún jókòó.