Bí a ṣe ń gbé iṣẹ́ tó há lọ bá ọ̀gá kó tó pẹ́ jù

Ká ní o ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo. Ìdílé kan láti Ìgbọ̀nà gbé iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú wá, ẹ̀dà 500, ojú-ewé 24, wọ́n sì fẹ́ gbà á ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n lè pín in níbi àìsùn alẹ́ ọjọ́ náà. O ti to gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, o sì ti fi prúùfù, ìyẹn ẹ̀dà tí oníbàárà máa yẹ̀ wò kí a tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀, ránṣẹ́ sí wọn láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tó fi di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọn kò tíì fọwọ́ sí i. Ojú-ewé 6 ló fà á, níbi tí orúkọ àwọn ọmọ olóògbé wà. Àkọ́bí ọkùnrin ní kí a tò wọ́n bí ọjọ́ orí wọn ṣe tẹ̀ léra. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Èkó ní ìdí igi ni kí a fi tò wọ́n, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan wà lójú kan.

Iṣẹ́ tó há nìyẹn. Iṣẹ́ náà kò le, o sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, àmọ́ ohun tó kù kí o fi parí rẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́ rẹ. Òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé kò lè wọ àárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lórí orúkọ ọmọ bàbá wọn. Ọ̀gá rẹ tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì ń bu ọlá fún, lè bá wọn sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ìgbà tó yẹ kí o gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá yìí, àti bí o ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ẹ̀sùn.

Ka àkókò láti ẹ̀yìn

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń dúró títí iṣẹ́ fi fẹ́ já lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó la ẹnu, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá tètè ké gbàjarè ni kò mọ iṣẹ́. Èmi náà ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀ ni ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀ wá gba ẹrù rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó sì kù fún ọ̀gá mi láti ṣe ni kó máa bẹ̀bẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí o bi ara rẹ ni pé, aago mélòó ni ọ̀gá mi kò ní rí ohun mìíràn ṣe sí i mọ́? Ṣáájú aago yẹn ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dé etí rẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìparí, kí a máa bọ̀ wá sí òní. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ìdílé náà ń bọ̀. Kíká ìwé 500, dídè é láàárín àti gígé etí rẹ̀ máa gba ènìyàn méjì ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Títẹ̀ ẹ́ máa gba odindi Ọjọ́rú, bí iná bá tiẹ̀ wà. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a gbọ́dọ̀ ṣe pílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn àwo tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀ ẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé bí ìdílé kò bá tíì fọwọ́ sí prúùfù nígbà tí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá lù, iṣẹ́ náà ti pẹ́.

Ṣùgbọ́n aago méjìlá yẹn kọ́ ni wàá sọ fún ọ̀gá. Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé gan-an nìyí. Ọ̀gá rẹ náà nílò àkókò. Ó lè wà ní sẹkitéríàtì ìjọba ní Abéré, níbi tó ti ń tọpa owó iṣẹ́ mìíràn. Ó ní láti pe àkọ́bí, àkọ́bí ní láti pe Èkó, Èkó ní láti rò ó kó tó fèsì. Fún un ní ìdajì ọjọ́ iṣẹ́, ó kéré tán. Nítorí náà, aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá sọ ọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìròyìn lo mú wá fún un, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó lè bá ọ yanjú.

Ó ṣeé ṣe kí o tètè lọ jù pẹ̀lú. Bí o bá lọ bá ọ̀gá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí prúùfù kò tíì pé wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ ìdílé, ohun tó máa bi ọ́ ni pé, ṣé o tilẹ̀ ti pè wọ́n? Èmi kì í gbé ọ̀rọ̀ lọ sókè àfi bí mo bá ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ẹni tó dá iṣẹ́ dúró, tí ọ̀kan nínú méjèèjì sì jẹ́ ìpè tí mo fi ohùn ara mi ṣe, tí mo dárúkọ ọjọ́ àti aago tí mo nílò èsì. Ohun tó lè pa ènìyàn lára nìkan ni kì í dúró de ìṣirò kankan. Bí òórùn wáyà tó ń jó bá ń jáde lára ẹ̀rọ, tàbí tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìgéwèé kò bá dúró mọ́ nígbà tó yẹ kó dúró, pa iná rẹ̀, kí o sì sọ fún ọ̀gá lójú ẹsẹ̀.

Wo ohun tó ṣì ṣeé ṣe kí o tó lọ

Má lọ bá ọ̀gá pẹ̀lú ìṣòro nìkan. Kọ́kọ́ wo iye iṣẹ́ tí ìdíwọ́ náà dá dúró ní tòótọ́. Nínú ìwé wa yìí, bébà kan tí a ká sí méjì ń gbé ojú-ewé mẹ́rin, nítorí náà bébà mẹ́fà ló máa di ìwé kan. Ojú-ewé 6 wà lórí bébà kan náà pẹ̀lú ojú-ewé 5, 19 àti 20. Àwọn bébà márùn-ún yòókù, tó jẹ́ ogún ojú-ewé, kò sí àríyànjiyàn lórí wọn rárá. A lè máa tẹ ìyẹn lọ, kí bébà olórúkọ jẹ́ àtẹ̀kẹ́yìn. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí ìdílé bá sọ lójijì pé àwọn fẹ́ fi ojú-ewé kún un, ètò gbogbo bébà náà máa yí padà, bébà 2,500, ìyẹn ríìmù márùn-ún, á sì ṣòfò. Ìwọ kọ́ ló lágbára láti fi bébà ilé iṣẹ́ wewu bẹ́ẹ̀. Ìpinnu ọ̀gá ni, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kó gbọ́.

Sọ fún ẹni tó dá iṣẹ́ dúró ṣáájú

Kí o tó pe ọ̀gá, jẹ́ kí àkọ́bí mọ̀: “Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, sà. Nítorí kí ìwé lè tẹ̀ yín lọ́wọ́ kí àìsùn tó bẹ̀rẹ̀, màá fi ọ̀rọ̀ yìí tó ọ̀gá wa létí lọ́sàn-án yìí, kí wọ́n lè bá wa dá sí i.” Bí ọ̀gá bá pè é lẹ́yìn náà, kò ní bá a lójijì. Ohun kan náà lo máa ṣe bó bá jẹ́ pé ẹni tó jù ọ́ lọ nílé iṣẹ́ ni, bí Àǹtí akáúńtì tí kò tíì fún ọ ní owó bébà. Lọ bá wọn ní tábìlì wọn, kí wọn dáadáa, kí o sì béèrè bóyá ohun kan wà tí o lè ṣe kí ọ̀nà lè là. Nígbà mìíràn ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa tán sí, torí ó lè jẹ́ ìwé kan péré ni wọ́n ń dúró dè. Bí kò bá tán, sọ fún wọn pé wàá fi tó ọ̀gá létí, kó má bàa di ẹjọ́ ẹ̀yìn.

Bí o ṣe máa kọ ọ́

Kí ọ̀gá ní ṣókí, má sì fi ìbéèrè rẹ pamọ́ sí ìsàlẹ̀. Wo irú èyí tí mo ti rí lọ́pọ̀ ìgbà: “Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ará Ìgbọ̀nà yẹn ń dà wá láàmú, wọn kò fẹ́ dáhùn, mi ò mọ ohun tí màá ṣe mọ́.” Ọ̀gá tó wà nínú ìpàdé kò ní mọ ohun tí a fẹ́ kó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ìbínú òṣìṣẹ́ sí oníbàárà ló máa kọ́kọ́ rí kà. Kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo nílò ìpinnu yín lónìí lórí ìwé ìsìnkú ìdílé Ìgbọ̀nà. Wọn kò tíì fọwọ́ sí ojú-ewé 6, nítorí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò tíì fẹnu kò lórí bí orúkọ àwọn ọmọ ṣe máa tò. Mo fi prúùfù ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo sì ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó kẹ́yìn ní aago mọ́kànlá àárọ̀ yìí. Bí a kò bá rí i gbà kí ó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la, iṣẹ́ kò ní bá Ọjọ́bọ̀. Ṣé ẹ lè bá wa pe àkọ́bí? Ṣé kí a sì máa tẹ ogún ojú-ewé tí kò sí lórí bébà yẹn lọ láàárọ̀ ọ̀la? Bí wọ́n bá fi ojú-ewé kún un, ríìmù márùn-ún máa ṣòfò. Mo ti sọ fún àkọ́bí pé mo máa fi tó yín létí. Ẹ ṣé, sà.”

Kò sí ẹni tí a bú níbẹ̀. “Wọn kò tíì fọwọ́ sí i” jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. “Wọn kò fẹ́ dáhùn” jẹ́ ohun tí a rò nípa ọkàn wọn. Máa yọ irú gbólóhùn kejì yẹn kúrò nígbàkigbà tí o bá rí i nínú ohun tí o kọ. Àwọn ìbéèrè méjèèjì náà jẹ́ èyí tí ọ̀gá lè fi “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “rárá” dáhùn lórí Wáàsáàpù láìjáde kúrò nínú ìpàdé.

Bí èsì kò bá wá

Kọ aago tí o fi ránṣẹ́ sílẹ̀. Bí wákàtí kan bá kọjá láìsí èsì, pè é lórí fóònù. Bí kò bá gbé e, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa ń dúró fún un nígbà tí kò bá sí nílé. Má fo ọ̀gá rẹ kọjá lọ bá ẹni tó ni ilé iṣẹ́ láìjẹ́ pé aago tí o ṣírò ti ń tán lọ, kí o sì kọ ọ́ sí ọ̀gá rẹ pé o ti pe ẹni tó ni ilé iṣẹ́ nítorí pé o kò rí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọ̀gá bá fèsì, kọ ohun tó sọ padà sí i ní gbólóhùn kan: “Mo gbọ́, sà. Ẹ ó pe àkọ́bí ní aago mẹ́ta. A ó bẹ̀rẹ̀ bébà márùn-ún láago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la. Bébà olórúkọ máa dúró títí a ó fi gbọ́.” Lẹ́yìn náà, fi ránṣẹ́ sí àkọ́bí pé ọ̀gá máa pè wọ́n ní aago mẹ́ta, kí wọ́n fi fóònù sí tòsí, kí o sì padà sórí àwọn ojú-ewé tí ọ̀rọ̀ kò sí lórí wọn.