Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ímeèlì kánjúkánjú sí ọ̀gá àgbà

Láàárín ìpàdé kan sí èkejì ni ọ̀gá àgbà sábà máa ń yọ fóònù wo ímeèlì. Kí ó tó ṣí lẹ́tà yín, orúkọ yín, àkọlé àti gbólóhùn kan tàbí méjì àkọ́kọ́ nìkan ló hàn sí i. Ibẹ̀ ló ti ń pinnu bóyá yóò kà á lójú ẹsẹ̀ tàbí yóò fi í di alẹ́.

Àṣìṣe tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni fífi ìtàn ṣáájú ohun tí ẹ ń béèrè. Ẹ wo èyí:

„Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo lérò pé ara yín le. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe mọ̀, láti oṣù tó kọjá ni ẹ̀ka wa ti ń wá kọ̀ǹpútà tuntun, a sì ti bá ilé-iṣẹ́ mẹ́ta sọ̀rọ̀…”

Ojú fóònù ti kún, ọ̀gá ò sì tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí òun ṣe. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ gbogbo bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ kí ó tó lè gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìbéèrè kò lè mọ èyí tó wúlò nínú àlàyé. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyí:

„Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí rírà kọ̀ǹpútà 40 kí aago 2 ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12, tó lù. Aago 4 ọjọ́ náà ni iye tí wọ́n dá lé e yóò yí padà, yóò sì fi ìdá 10 nínú 100 wọ́n sí i.”

Ọ̀wọ̀ kò sọnù níbẹ̀: „ẹ jọ̀wọ́” ti ṣe iṣẹ́ ìkíni. Àlàyé lè tẹ̀lé e ní ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún, fún ìgbà tí ọ̀gá bá fẹ́ mọ̀ sí i. Ẹ má ṣe fi gbèdéke pamọ́ sínú ìwé tí ẹ so mọ́ lẹ́tà. Ó ṣeé ṣe kí ó má ṣí i rárá.

Gbèdéke fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fara balẹ̀ ṣírò. „Ní kíá” kì í ṣe gbèdéke. „Kí iṣẹ́ tó parí lónìí” náà kò tó, nítorí aago tí iṣẹ́ ọ̀gá ń parí lè yàtọ̀ sí tiyín. Láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti kà á. Nínú àpẹẹrẹ wa, aago 4 ni iye tí ẹni tó ń tajà dá lé e yóò yí padà. Àwọn oníṣirò owó nílò wákàtí kan láti ṣe ìwé ìràjà, èyí sì gbé wa dé aago 3. Ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ìbéèrè tí ọ̀gá lè ní, aago 2 ló kù. Bí ọ̀gá bá wà ní orílẹ̀-èdè tí aago rẹ̀ yàtọ̀, ẹ kọ aago ibi tó wà. Ẹ má sì parọ́ gbèdéke: bó bá já sí irọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní gba kánjúkánjú yín gbọ́ mọ́.

„Kí lẹ rò sí i?” tún máa ń dá iṣẹ́ dúró, torí pé ó ń béèrè fún ìrònú gígùn lọ́wọ́ ẹni tí kò ráyè. Ẹ béèrè ohun tí „bẹ́ẹ̀ ni” tàbí „rárá” lè dáhùn, kí ẹ sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ kò bá gbọ́: „Bí a kò bá rí èsì yín, a ò ní rà á, a ó tún iye owó dúnàá-dúrà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Lórí ọ̀rọ̀ owó, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ìdákẹ́jẹ́ yóò túmọ̀ sí ìgbàṣẹ, àfi tí òfin ilé-iṣẹ́ yín bá fàyè gbà á.

Ní ti àkọlé, ọ̀rọ̀ „KÁNJÚKÁNJÚ” nìkan kò sọ nǹkan kan. „Ìfọwọ́sí kọ̀ǹpútà 40, kí aago 2 Ọjọ́bọ̀ tó lù” dára jù. Àṣírí kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ ṣá o, nítorí àkọlé lè yọ lójú fóònù tí a ti tì pa.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: owó pẹ̀lú ìkánjú ni àwọn gbájúẹ̀ náà ń fi ímeèlì wọn ṣe. Nítorí náà, ẹ má fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ láti orí àdírẹ́sì ímeèlì tara yín, ẹ má sì fi líǹkì tí ọ̀gá yóò tẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé tí ẹ fi béèrè fún ìràjà náà, èyí tí akọ̀wé ọ̀gá lè fi yẹ̀ ẹ́ wò nínú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́.

Bí ó bá sì ṣe pé wákàtí kan péré ló kù, ẹ má gbára lé ímeèlì nìkan. Ẹ fi í ránṣẹ́ kí àkọsílẹ̀ lè wà, kí ẹ sì pe akọ̀wé ọ̀gá lójú ẹsẹ̀ pé lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí gbèdéke rẹ̀ jẹ́ aago 2.